Ìdí tí áńpílífáyà fi ń há nígbà tí fólúùmù bá wálẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo to áńpílífáyà kékeré kan fún ṣọ́ọ̀bù mi. Transístọ̀ méjì, TIP41C àti TIP42C, ló ń gbé sípíkà ọ́ọ̀mù 8, iná rẹ̀ sì jẹ́ fóltì +15 àti -15. Mo so ẹsẹ̀ béèsì àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan. Tí mo bá ṣí i sókè, ó ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ohùn á há bíi pé sípíkà ti ya. Mo pààrọ̀ sípíkà, pàbó ló já sí. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, sípíkà rẹ ò ṣẹ̀. Béèsì méjèèjì tó o so pọ̀ yẹn ló dá a sílẹ̀. Áńpílífáyà tó bá ń há nígbà tó bá lọ sókè, iná ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́, orí ìgbì ohùn ló ń gé. Èyí tó bá ń há nísàlẹ̀ tó wá ń mọ́ bó ṣe ń lọ sókè, àárín ìgbì ló ti ń bàjẹ́, níbi tí transístọ̀ kan ti ń gbé iṣẹ́ fún èkejì. Kirọsófà là ń pè é.

TIP41C ló ń ti kọ́ráǹtì sínú sípíkà nígbà tí ìgbì bá wà lókè òdo, TIP42C ló sì ń fà á nígbà tó bá bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Wọ́n dà bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó ẹnì kan bá ń gòkè, ti èkejì ló ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n transístọ̀ sílíkọ́nì kì í ṣí àyàfi tí fóltì bíi 0.6 bá wà láàárín béèsì àti ẹ́mítà rẹ̀. Bó o ṣe so béèsì méjèèjì pọ̀ yìí, láti +0.6 dé -0.6, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Sípíkà á kàn dákẹ́ ni, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní o rẹ fólúùmù sílẹ̀ débi pé ìgbì tó ń dé béèsì kò ga ju fóltì 1 lọ. Lára fóltì 1 yẹn, 0.6 ti ṣòfò, 0.4 péré ló dé sípíkà. Tó o bá wo àkókò ìgbì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sípíkà dákẹ́ fún nǹkan bí ìdá 41 nínú 100. Ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orin mọ́. Wá ṣí i títí ìgbì á fi ga tó fóltì 12: 0.6 kan náà ló ṣì ń sọnù, ṣùgbọ́n dídákẹ́ yẹn kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ, ìyókù orin á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó ń sàn bó o ṣe ń ṣí i.

Ohun tó o tò yẹn ni kíláàsì B: bí orin ò bá dún, transístọ̀ méjèèjì á sùn, wọn ò sì ní gbóná. Ní ti ìlò iná, kò burú rárá. Pẹ̀lú fóltì 15 sókè, 15 sísàlẹ̀ àti ọ́ọ̀mù 8, lórí ìwé, wáàtì 14 ló lè dé sípíkà nígbà tí pawà ń fún un ní nǹkan bíi 18. Ìdá 78.5 nínú 100 nìyẹn, kò sì sí kíláàsì B tó lè kọjá rẹ̀.

Bó bá jẹ́ kíláàsì A lo fẹ́, àwọn méjèèjì kò ní sùn rárá, kirọsófà ò sì ní sí. Ṣùgbọ́n wo ohun tó máa ná ọ. Láti fún sípíkà ní wáàtì 14 yẹn, o ní láti jẹ́ kí kọ́ráǹtì bíi áńpù 0.94 máa gba inú wọn kọjá ní gbogbo ìgbà. Wáàtì 28 nìyẹn, tí ó ń di ooru nígbà tí kò sí orin kankan! Ìdá 50 nínú 100 ni òkè téńté rẹ̀, bó o bá sì fi transístọ̀ kan àti rẹsítọ̀ ṣe é, kò ní kọjá 25. Fún ẹni tó ń fi ínfátà ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kíláàsì D tó wà nínú àwọn sípíkà Bulutúùtù ìwòyí ń kọjá 90, nítorí pé transístọ̀ rẹ̀ kì í ṣí ààbọ̀. Yálà kó ṣí pátápátá tàbí kó pa pátápátá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Àárín méjèèjì ni ibi tó yẹ kó o wà, ìyẹn kíláàsì AB: jẹ́ kí kọ́ráǹtì díẹ̀ máa gba inú àwọn méjèèjì kọjá kí ẹnì kan má tíì sùn kí èkejì tó jí. Tú béèsì wọn kúrò lára ara wọn, kó o sì fi nǹkan bíi fóltì 1.2 sáàárín wọn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni dáódù méjì, 1N4007, tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Èmi fẹ́ràn kó o lo transístọ̀ BD139 kan dípò wọn: rẹsítọ̀ kílóọ́ọ̀mù 1 láti kọlẹ́tọ̀ sí béèsì rẹ̀, ọ́ọ̀mù 680 pẹ̀lú rẹsítọ̀ tó ṣeé yí, kílóọ́ọ̀mù 1, láti béèsì sí ẹ́mítà. Má ṣe gbé èyí tó ṣeé yí lọ sí apá kejì. Níbi tí mo ní kó o fi sí yìí, bí ẹnu rẹ̀ bá tiẹ̀ já, fóltì á wálẹ̀. Ní apá kejì, á lọ sókè, transístọ̀ ńlá méjèèjì á sì jó.

Fi BD139 náà mọ́ orí hítísíńkì kan náà pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Bí transístọ̀ bá ṣe ń gbóná ni fóltì tó nílò láti ṣí ń dín kù, nǹkan bíi mílífóltì 2 fún dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Bí fóltì tó ń bọ́ ọ kò bá dín kù pẹ̀lú rẹ̀, kọ́ráǹtì á pọ̀ sí i, ooru á tún pọ̀ sí i, títí nǹkan á fi bàjẹ́. Fi rẹsítọ̀ ọ́ọ̀mù 0.33 sí ẹ́mítà TIP41C àti TIP42C, ìyẹn náà á máa dá a dúró.

Láti ṣètò rẹ̀, so ojú ibi tí orin ń gbà wọlé mọ́ ilẹ̀, ìyẹn ojú òdo fóltì, yọ sípíkà, kó o fi mítà sára ọ̀kan nínú rẹsítọ̀ 0.33 náà. Kí èyí tó ṣeé yí wà níbi tó ti pọ̀ jù. Yí i díẹ̀díẹ̀ títí mítà á fi kà tó mílífóltì 10, ìyẹn kọ́ráǹtì mílíáńpù 30. Ooru rẹ̀ kò ní ju wáàtì 0.9 lọ nínú àwọn méjèèjì lápapọ̀. Dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ohun gbogbo lọ́wọ́ọ́wọ́, kó o tún un wò. Bó bá ń gòkè láìdúró, BD139 rẹ kò kan hítísíńkì dáadáa.

Ìṣọ́ra kan ṣì kù. Bí BD139 tàbí dáódù bá já kúrò lójú rẹ̀, béèsì méjèèjì á ṣí pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ráǹtì á sì gba tààrà láti +15 lọ sí -15. Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o máa tan iná sí i, fi rẹsítọ̀ ọ́ọ̀mù 47, wáàtì 5, kọ̀ọ̀kan sójú ọ̀nà iná méjèèjì. Bí ohun gbogbo bá wà létòlétò, fóltì tó máa wà lórí rẹ̀ kò ní ju 2 lọ púpọ̀. Bó bá kọjá 5, pa iná, kó o padà lọ wo àwọn ojú ibi tó o fi ledì jó.