Kámẹ́rà ń kọ "Offline" lórí fóònù

*“Ẹ jọ̀ọ́, mo ti síkáànì kóòdù ara àpótí kámẹ́rà wa n'Íkòròdú. Àwòrán ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ilé, àmọ́ 'Offline' ni fóònù ń kọ. Kí ni kí n ṣe?”*

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòdù yẹn ò ní ẹ̀bi kankan. Nọ́ńbà àpótí yín nìkan ló gbé fún fóònù. Àpótí fúnra rẹ̀ ni kò tíì wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Tẹlifíṣọ̀n ò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn àpótí, níbi tí wáyà ráútà ti wọlé. Tí iná kékeré ibẹ̀ ò bá ṣẹ́jú, ẹ pààrọ̀ wáyà.

Tó bá ń ṣẹ́jú, tó sì jẹ́ Hikvision ni tiyín (orúkọ máa ń yàtọ̀ lára àwọn yòókù):

1. Ẹ fi máòsì wọ Configuration, Network, Platform Access, kí ẹ sì máàkì Enable.
2. Ó máa ní kí ẹ yan Verification Code. Ẹ kọ ọ́ síbìkan, torí fóònù lè bèèrè rẹ̀.
3. Ẹ wo Status. Tó bá ṣì ń kọ Offline, ẹ lọ síbi TCP/IP, kí ẹ kọ 8.8.8.8 sí Preferred DNS Server. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń dí.

Tí Status bá ti di Online, ẹ pa Wáífáì fóònù, kí ẹ fi dátà wò ó.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ iná Ìkòròdú: tí àpótí bá wà lórí ínfátà tí ráútà ò sí níbẹ̀, "Offline" á tún padà dé.