Orí fífọ́ ìdájí pẹ̀lú èébì

“Wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ìyá mi. Orí ń fọ́ wọn láràárọ̀, wọ́n sì ń bì. Ṣé àrùn tuntun ni?”

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Bí ó bá jẹ́ kókó inú ọpọlọ ló fà á, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú náà tí ẹ̀jẹ̀ gbé dé ọpọlọ. Kókó tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ gan-an jẹ́ àrùn mìíràn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Agbárí kì í fẹ̀, nítorí náà bí kókó bá gba àyè nínú rẹ̀, ìfúnpá inú agbárí a ga. Bí a bá sùn, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè ṣàn kúrò lórí, mímí a sì rọlẹ̀ débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ a fẹ̀, ìfúnpá a sì ga sí i títí di ìdájí; òun ló ń fa orí fífọ́ àti èébì.

Àmì ìfúnpá inú agbárí ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí kókó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn lónìí.