Bírò pupa fún lẹ́tà ọ̀gá

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá wa ní kí n bá òun gé lẹ́tà ọdọọdún tóun ń kọ sáwọn tó ní ṣíà nílé iṣẹ́ wa kúrú. A rí ṣe díẹ̀, a sì pàdánù díẹ̀. Báwo ni ò ṣe ní dà bíi pé a ń purọ́?"

Àbúrò, kó o tó gé ohunkóhun, mú bírò méjì. Fi búlúù fàlà sábẹ́ ibi tí lẹ́tà bá ti ní "a ṣe é", kó o fi pupa sábẹ́ ibi tó bá ti ní "ó ṣẹlẹ̀". Èyí tí mo bá ọ̀gá mi kọ lórí ọdún 2023, gbogbo ohun tó dáa, àwa la ṣe é, gbogbo ohun tó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ṣe é. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìjábọ́ náírà kó àdánù bá wa". Ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì bá dìde nípàdé, ó ní ṣé náírà ló lọ yá dọ́là ni? Ojú tì mí gan-an, torí òótọ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a jẹ gbèsè mílíọ̀nù 2 dọ́là, dọ́là kan sì kúrò ní nǹkan bíi náírà 460 kó tó di oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó di nǹkan bíi 900 nígbà tọ́dún máa fi parí. Gbogbo ìlú ni náírà já lé lórí, ṣùgbọ́n àwa la lọ yá dọ́là nígbà tó jẹ́ náírà nìkan la fi ń tajà. Bí mo ṣe tún un kọ rèé: "A yá dọ́là torí èlé rẹ̀ kéré, a ò sì ṣètò kankan de ọjọ́ tó máa wọ́n. Ìpinnu wa yẹn fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 880 náírà kún gbèsè wa. A ò tíì san gbogbo ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́." Gbólóhùn mẹ́ta péré, ó sì gba ipò odidi ojú ìwé kan tá a fi ń ṣàlàyé ọrọ̀ ajé àgbáyé.

Ibi tá a ti ń yangàn gan-an ló nílò bírò jù. A ní owó ọjà wa fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, irọ́ kọ́, ó kúrò ní bílíọ̀nù 10 ó di 12.6. Àmọ́ lọ béèrè iye páálí lọ́wọ́ àwọn ará wíáháòsì: mílíọ̀nù 5 páálí la tà ní 2,000 náírà lọ́dún tó ṣáájú, 4.5 la tà ní 2,800 lọ́dún yẹn. Owó la fi lé e, ọjà dín kù! Ọ̀wọ́n gógó fúnra ẹ̀ sì ti wọ ìdá 28.92 ní oṣù Disẹ́ńbà. Nítorí náà kọ méjèèjì sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, iye owó àti iye páálí, má jẹ́ kí ìkejì sá lọ sẹ́yìn ìwé.

Nígbà tá a yọ ìyẹn kúrò la wá rí ohun tá a ṣe lóòótọ́: àwọn oníbàárà tó máa ń jẹ wá lówó fún 70 ọjọ́ ti ń san án láàárín 45. Òun ló yẹ kó ṣíwájú, láìsí "mánigbàgbé" kankan lára ẹ̀.

Lẹ́yìn náà kó o gbé lẹ́tà èṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Gbogbo ìlérí tó wà níbẹ̀ tí tuntun ò sọ̀rọ̀ ẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá lọ́kọ̀ọ̀kan.