Ọmọ ń ná owó lórí PS5 láìka ìdínà sí

Ìbéèrè: Mo fi òdo sí iye tí ọmọ mi lè ná lóṣù, mo sì ti ìtàkùrọ̀sọ pa. Báwo ló ṣe tún ń ra nǹkan, tó ń bá àjèjì sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkáǹtì tiyín ló ń gbà wọlé, nítorí orí àkáǹtì ọmọ nìkan ni ìdínà wọ̀nyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo Trophies yín: bí eré tí ẹ kò ṣe rí bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé nìyẹn.

Ẹ lọ sí Settings, Users and Accounts, Login Settings, kí ẹ fi nọ́ńbà àṣírí ti àkáǹtì yín. Ìyẹn nìkan kò tó, torí ọmọ lè dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀ tàbí kó wọlé bí àlejò. Ẹ ṣí Family and Parental Controls, kí ẹ yan PS5 Console Restrictions. 0000 ni nọ́ńbà tó bá ẹ̀rọ wá (ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ̀ ọ́n), ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, kí ẹ wá fi User Creation and Guest Login sí Not Allowed.

Àmọ́ bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìtàkùrọ̀sọ nínú eré kan tí ọmọ tọrọ àyè fún, eré yẹn á ṣì máa gbà á láyè.