Àkókò ìrun Èkó ní Ìlọrin

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa fi ìwé àkókò ìrun Èkó jẹ sààrì kí n sì fi ṣínu ní Ìlọrin?

Ìdáhùn: O lè fi ṣínu, má fi jẹ sààrì. Ìlọrin wà ní apá ìlà-oòrùn àti àríwá Èkó, oòrùn sì máa ń tètè dé ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún Oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní Èkó ní nǹkan bí aago 6:37, ní Ìlọrin ní nǹkan bí 6:29. Wàá kàn pẹ́ ṣínu díẹ̀ ni. Oṣù Kẹfà ni ewu wà. Oòrùn Ìlọrin a fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 ṣáájú ti Èkó yọ, ojúmọ́ ti lè mọ́ bá ọ lẹ́nu oúnjẹ.