Nígbà tí BitLocker bá ń béèrè nọ́ńbà oní-díjíìtì 48

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù látọ́ọ̀pù mi, ojú búlúù ló wá ń gbé wá, ó ń béèrè recovery key. Oníṣẹ́ ní kí òun kúkú fọ gbogbo rẹ̀ nù. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, má jẹ́ kó fọ nǹkan kan nù. BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísíìkì pa, ló ń béèrè; àwọn fáìlì rẹ wà níbẹ̀ digbí. TPM, ìyẹn ṣíìpù kékeré tó ń bá ọ ṣí dísíìkì náà látọjọ́ yìí, ara mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ ló wà. Tuntun kò mọ dísíìkì rẹ rí.

Kọ́kọ́ kọ àmì 8 àkọ́kọ́ nínú Recovery key ID tó wà lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, kí o lo ímeèlì tí o fi ṣètò Windows. Bí o bá bá ju recovery key kan lọ níbẹ̀, èyí tí ID rẹ̀ bá èyí tí o kọ mu ni tìrẹ. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o tẹ̀ ẹ́. Má fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́.

Níbí ni mo ti jìyà. Ní Kabba níbí ni iná ti ba mọ́dábọ́ọ̀dù mi jẹ́, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti bá mi fi òmíràn sí i. Inú ìwé ni mo kọ nọ́ńbà recovery key mi sí, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ méjì ni kọ̀ǹpútà fi kọ̀ ọ́. Ọ̀wọ́ 8 ni nọ́ńbà náà, 6 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, 11 sì gbọ́dọ̀ pín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láìṣẹ́kù. Ká ní o kọ 735421. Ro ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀kẹta àti ti ìkarùn-ún pọ̀: 7, 5, 2, ó di 14. Ro àwọn tó kù: 3, 4, 1, ó di 8. 6 ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ 0, 11 tàbí 22 nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 1 lo kọ tó dà bí 7, 135421 ni: 8 àti 8, ó bára mu. Bí mo ṣe rí àṣìṣe tèmi nìyẹn, nínú ọ̀wọ́ karùn-ún.

Bí nọ́ńbà náà kò bá sí níbì kankan, kò sí oníṣẹ́ tó lè fipá ṣí i, kí ẹnikẹ́ni má gbowó rẹ lórí ìyẹn. Ohun tó kù ni kí wọ́n tún mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣe, nítorí náà gbà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ lónìí, má jẹ́ kó jù ú nù.

Tí Windows bá ti ṣí, fi TPM tuntun mọ dísíìkì náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa béèrè ní gbogbo ìgbà. Ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator:

```
manage-bde -protectors -delete C: -type TPM
manage-bde -protectors -add C: -tpm
```

Pa á, kí o tún tàn án. Tèmi ṣí tààrà láti ọjọ́ náà.