Awọ gidi àti awọ ike: ohun tí ìkòkò omi gbígbóná fi hàn mí

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́. Olùkọ́ ni mí ní Ifẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ oòrùn, ìbáà jẹ́ òjò. Sálúbàtà tí mo rà lọ́dún tó kọjá ti ń bó bí ìpẹ́ ẹja, báàgì tí mo rà pẹ̀lú rẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Aránbàtà kan ní kí òun fi awọ gidi rán òmíràn fún mi, ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo ra tàkọ́kọ́ ló pè. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí kí n tún ra ti ike?”

Àbúrò mi, bàtà ni mo ń rán ní Iléṣà, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Má tíì sanwó fún aránbàtà yẹn o, má sì tíì lọ ra ti ike. Méjèèjì ló ti mú mi jẹ gbèsè rí.

Lọ́dún 2017, mo lọ ra ọjà ní Mushin l’Ékòó, mo rí awọ ike kan tó pọ́n bí obì, tó rọ̀, tó ń dán. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án tí kò ní pè é ní awọ màálù. Píyù là ń pè é nídìí iṣẹ́ wa. Aṣọ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ike tín-ín-rín ni wọ́n tẹ́ lé e lórí. Mo fi rán sálúbàtà 40, mo sì ta 26 kí ọdún tó parí. Mo fi láílọ́ọ̀nù wé 14 tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí pẹpẹ tó ga jù ní ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ páànù gan-an, mo sì gbàgbé wọn síbẹ̀.

Ó tó ọdún méjì ààbọ̀ kí ẹnì kan tó wá béèrè irú ẹ̀. Mo fa ọ̀kan yọ, láílọ́ọ̀nù ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe ní kí n ṣí i, ojú bàtà bá láílọ́ọ̀nù lọ, aṣọ funfun ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo tú gbogbo 14 wò lọ́jọ́ náà, kò sí ẹyọ kan tó yè. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì tì í bọ ẹsẹ̀ o. Òjò ò pa á, òógùn ò kàn án, oòrùn ò fojú kàn án.

Ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló pa á. Ọ̀rinrin yìí máa ń wọ inú ike píyù díẹ̀díẹ̀, á máa já a láti inú wá, bí ibẹ̀ bá sì ṣe gbóná tó ló ṣe máa ń yá tó. Páànù ń sun tèmi láti òkè, láílọ́ọ̀nù tí mo rò pé mo fi ń dáàbò bò ó wá há ọ̀rinrin mọ́ ọn lára. Nítorí náà, tìẹ tó ń bó yẹn, má bú ẹsẹ̀ ẹ, má sì rò pé o ò tọ́jú ẹ̀. Ó ti lè lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ẹ kó tó dé ọwọ́ ẹ. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, á wá sán wẹ́wẹ́ níbi tó ti ń ká, lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tó bá ti dé ibi sísán, kò sí pọ́líìṣì tàbí gọ́ọ̀mù tó lè dá a dúró. Píyù tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀ lọ́jà, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo búra pé awọ gidi nìkan ni mo máa fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnì kan bá mi mú awọ pupa bọ̀ láti Kánò, èyí tí wọ́n fi èso bàgàrúwà ṣe, igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Hausa ti ń fi èso rẹ̀ ṣe awọ láti ayé àwọn baba wọn. Awọ tó dára ni, òórùn rẹ̀ nìkan á wù ẹ́. Mo fi rán sálúbàtà fún ìyá kan tó ń ṣe olùkọ́ ní Òṣú. Oṣù keje ni. Òjò pa màmá lọ́nà ilé, wọ́n fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà, wọ́n sì sá a sórí páànù ilé ìdáná lọ́jọ́ kejì tí oòrùn yọ. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, bàtà ti ká kò bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ, okùn ẹ̀yìn ti kúrú débi pé kò lè yí gìgísẹ̀ wọn ká mọ́. Aró rẹ̀ tó ṣí sì ti kun ẹsẹ̀ wọn ní pupa bíi ti ìyàwó tó lé làálì. Wọ́n gbé e sórí tábìlì mi, wọ́n ní, “Ẹ wò ó, awọ gidi yín ti padà di màálù.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dá owó wọn padà.

Ọ̀gá mi àtijọ́ ló wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn mí. Ó gbé omi kaná títí ó fi hó yaya, ó ní kí n gé èékù awọ bàgàrúwà náà kó tó èékánná àtàǹpàkò, òun náà gé awọ dúdú kan tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sí ìwọ̀n kan náà. A jọ jù wọ́n sómi. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí tèmi fi ká rúgúdú, tó sún kì, tó sì le bí èèpo àgbọn. Tiẹ̀ kàn tutù ni, bó ṣe fẹ̀ tó tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wà. Iyọ̀ kúrómù ni wọ́n fi ṣe ìyẹn ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ. Awọ gidi ni méjèèjì o, ara màálù àti ewúrẹ́ ni wọ́n ti wá, àmọ́ omi àti ooru lápapọ̀ kò rí wọn bákan náà. Èyí tí wọ́n fi èso tàbí èèpo igi ṣe máa ń le tó bá rin gbingbin tó sì yára gbẹ nínú oòrùn, torí òróró inú rẹ̀ á lọ, fọ́nrán rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ti kúrómù máa ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó lè dúró nídìí iná o, òun náà á gan tí o bá yan án.

Tí o bá padà lọ bá aránbàtà ẹ, sọ pé kó fún ẹ ní èékù awọ tó fẹ́ lò, kí o lọ fi omi híhó dán an wò nílé. Kí o tó lọ, wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e. Ti kúrómù sábà máa ń ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù láàárín, ti bàgàrúwà á pọ́n látòkè délẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa á láró wọnú, ẹ̀gbẹ́ ò ní sọ òótọ́, omi gbígbóná ni kí o gbà gbọ́. Tí o bá rí fọ́nrán aṣọ létí ẹ̀, o ò tiẹ̀ nílò ìkòkò kankan, ike ni. Ẹ̀tàn kan tún wà tó ti mú mi rí: awọ tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n mú apá ìsàlẹ̀, tí wọ́n wá da ike lé e lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí hẹ́bẹ́hẹ́bẹ́ bí awọ, òórùn awọ ń jáde lára ẹ̀, wọ́n á sì tẹ “awọ gidi” mọ́ ọn lára. Wọn ò purọ́ tán, wọn ò sọ òótọ́ tán. Ojú tí ayé ń wò yẹn á bó bíi ti píyù. Ká a síta kí o wo ibi tó ti ká dáadáa: awọ tí wọn ò da ike lé á yọ ìlà wẹ́wẹ́ tí kò dọ́gba, èyí tí ike pọ̀ lórí ẹ̀ á kàn wú sókè lójú kan.

Ọ̀rọ̀ òógùn ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aránbàtà ti máa ń rẹ́ni jẹ. Wọ́n á fi awọ gidi ṣe okùn òkè tí gbogbo ayé ń rí, wọ́n á wá fi píyù tẹ́ ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni òógùn ń dà sí. Ike kì í mu òógùn, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀, á sì máa rùn. Awọ á mu ún lọ́sàn-án, á sì tú u sílẹ̀ lóru, tí o bá fún un láyè láti gbẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí o wọ sálúbàtà awọ kan ṣoṣo lójoojúmọ́. Tí iyọ̀ òógùn bá yọ funfun lára ẹ̀, aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí o fi nù ún, má fi ọṣẹ ìfọṣọ sí i. Tí òjò bá pa á, ki ìwé ìròyìn sábẹ́ okùn ẹ̀, gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ ibòji, kó tó gbẹ tán kí o fi òrí tí kò ju èso ẹ̀wà kan lọ pa á lára. Bí òrí bá pọ̀ jù, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dúdú.

Torí náà, ìlọ́po mẹ́ta yẹn tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ awọ kúrómù ni okùn rẹ̀, tó jẹ́ awọ ni wọ́n tẹ́ síbi àtẹ́lẹsẹ̀, tí wọ́n sì fi òwú láílọ́ọ̀nù rán sóòlù rọ́bà mọ́ ọn yípo, kì í ṣe gọ́ọ̀mù nìkan. Gọ́ọ̀mù lásán máa ń rọ̀ tí ọ̀dà títì bá gbóná. Tèmi tí mo rán báyìí lọ́dún 2020 ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo pààrọ̀ sóòlù. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, dúnàá-dúrà dáadáa, tàbí kí o máa lọ.

Ní ti báàgì, èmi ò ní kí o ra awọ. Òógùn kì í kan báàgì àfi níbi ọwọ́ tí à ń dì mú, omi òjò sì máa ń gba ojú ihò abẹ́rẹ́ wọlé, bó ti wù kí awọ náà nípọn tó. Ìwé àwọn ọmọ ló máa rin. Mo gbé báàgì awọ kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù rí lóṣù kẹjọ, nígbà tí mo máa ṣí i lóṣù kẹwàá, ó ti bu funfun bí búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún. Mo nù ún, mo gbé e síta fún atẹ́gùn, òórùn yẹn ò tán lára ẹ̀ dòní. Ra ti aṣọ láílọ́ọ̀nù tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe báàgì ilé ìwé, kí ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ okùn híhun tàbí awọ. Ike tí wọ́n fi pa inú ẹ̀ lè máa hó bí ìyẹ̀fun lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àmọ́ aṣọ fúnra ẹ̀ ò ní já.

Má tíì ju sálúbàtà tó bó yẹn nù. Fi èékánná tẹ sóòlù ẹ̀ dáadáa. Tó bá ń fọ́ bí àkàrà àná, ike kan náà ni, kò níṣẹ́ tó lè ṣe mọ́. Tó bá jẹ́ rọ́bà tó ṣì le, tó sì nípọn, gbé e fún aránbàtà ẹ, kó já ojú ike yẹn kúrò, kó gbé awọ tuntun lé sóòlù àtijọ́, kí o sì ní kó yọ owó sóòlù kúrò nínú ohun tó pè.